Nígbà tí ẹnu rẹ̀ ń sọ ọ̀kan, tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe òmíràn lórí káàdì

Láti ìgbà tí mo ti ń tẹ́ káàdì táróòtì, káàdì aláwòrán tí a fi ń wo ọ̀rọ̀ ẹni, fún èèyàn, ìbéèrè kan ni wọ́n ń bi mí jù: ṣé ó fẹ́ràn mi dénú? Wọn kì í béèrè rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá ń lọ geere. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ olólùfẹ́ bá ń dùn létí, tí ìṣe rẹ̀ kò sì bá ọ̀rọ̀ náà mu, ni wọ́n máa ń wá. Káàdì á wá jáde, àwọn náà á tún máa bá ara wọn jiyàn: ọ̀kan á ní bẹ́ẹ̀ ni, èkejì á ní rárá. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ọ̀nà yẹn.

Káàdì tí mò ń lò ni èyí tí Pamela Colman Smith ya àwòrán rẹ̀, tó jáde ní 1909. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 78. Káàdì ńlá jẹ́ 22, 56 tó kù pín sí ìdílé mẹ́rin, mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá: Ife, Idà, Ọ̀pá àti Owó. Ife ló ń sọ nípa ọkàn, Idà nípa èrò àti ọgbọ́n, Ọ̀pá nípa ìtara, Owó nípa ohun tó ṣe é fọwọ́ kàn, bí àkókò, ilé àti ara. Ife tí mò ń wí yìí, ife tí a fi ń mu omi ni o, kì í ṣe ìfẹ́. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ló yà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé èmi fúnra mi pò wọ́n pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àbúrò kan wá bá mi. Ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń sọ nípa ilé tí àwọn méjèèjì á jọ gbé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dá ọjọ́ láti pàdé, ó máa ń yẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Kò tíì mú un mọ ẹnì kankan. Mo tẹ́ káàdì mẹ́rin. Àkọ́kọ́ wà fún ohun tí ó ń sọ, èkejì fún ohun tí ó ń ṣe, ẹ̀kẹta fún ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀kẹrin fún ohun tó wà láàárín wọn. Ohun tó jáde ni Ẹlẹ́ṣin Ife, Idà Méje, Ife Méjì àti Owó Mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká wò wọ́n dáadáa. Ẹlẹ́ṣin Ife jókòó lórí ẹṣin, ó na ife síwájú bí ẹni tó fẹ́ fi tọrẹ, ṣùgbọ́n ẹṣin rẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ ni, odò sì wà níwájú rẹ̀ tí kò tíì sọdá. Idà Méje jẹ́ ọkùnrin kan tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ kúrò níbi àwọn àgọ́, idà márùn-ún wà lọ́wọ́ rẹ̀, méjì ṣì gún ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń bojú wẹ̀yìn. Nínú Ife Méjì, ọkùnrin àti obìnrin kọjú síra wọn, oníkálukú gbé ife lọ́wọ́. Nínú Owó Mẹ́rin, ẹnì kan jókòó, ó di owó kan mọ́ àyà, òmíràn wà lórí rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ méjì mọ́lẹ̀.

Bí mo ṣe rí Ife Méjì ní ipò ohun tó wà nínú rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Idà Méje ló ń dà mí láàmú. Mo wá ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe: mo fa káàdì àfikún lé e lórí, pé kó ṣàlàyé ara rẹ̀. Àkọ́kọ́ kò dáa. Mo fa èkejì, kò yé mi. Mo fa ẹ̀kẹta, Ife Kan jáde, ọwọ́ tó ti inú àwọsánmà yọ, tí omi ń dà wálẹ̀ láti inú ife ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ó fẹ́ràn rẹ. Ẹ̀rù ló ń bà á." Àbúrò mi lọ, ó dúró dè é fún oṣù mẹ́fà sí i.

Mo jókòó lẹ́yìn náà, mo ṣírò ohun tí mo ṣe. Tí o bá fa káàdì mẹ́rin péré nínú 78, láìrò ẹnì kankan lọ́kàn, bí ìgbà 55 nínú 100 ni Ife kan ó kéré tán máa wà nínú wọn. Tí o bá fi mẹ́ta lé e, tó di méje, ó di bí ìgbà 76. Ìyẹn ni pé bí mo ṣe ń fa àfikún, kì í ṣe òye ni mo fi ń kún òye. Mò ń ra àǹfààní láti rí ohun tí mo ti fẹ́ rí tẹ́lẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, tí káàdì àfikún bá máa wà, mo máa ń sọ iye rẹ̀ kí n tó po káàdì pọ̀, kì í sì í ju ẹyọ kan lọ. Ipò tí kò yé mi ni mo máa ń fà á fún. Ipò tó yé mi ṣùgbọ́n tí n kò fẹ́ràn, mi ò ní fà á fún un.

Àṣìṣe kejì jìn ju èyí lọ, ó sì pẹ́ kí n tó rí i. Ipò kẹta tí mo pè ní "ohun tó wà nínú", inú ta ni? Mi ò sọ ọ́ kí n tó po káàdì. Àbúrò yìí ló jókòó níwájú mi, òun ló di káàdì mú, òun ló ń gbọ̀n jìnnìjìnnì. Ife Méjì lè jẹ́ ohun tí òun ń retí. Kò sí ohunkóhun lórí tábìlì tó lè sọ fún mi pé ti ọkùnrin náà ni. Ohun tí mo ṣe báyìí kò gba agbára: mo máa ń kọ ipò kọ̀ọ̀kan sórí ìwé ní gbólóhùn kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín, kí ọwọ́ tó kan káàdì. "Ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe sí i láàárín oṣù kan sẹ́yìn." Tí ipò kan bá ṣòro láti kọ ní gbólóhùn kan, mo máa ń yọ ọ́ kúrò. "Ohun tó wà láàárín wọn" ló kọ́kọ́ lọ. Mo fi "ohun tó ń dí ọkùnrin náà lọ́wọ́" rọ́pò rẹ̀. Káàdì tó dojúdé, ìyẹn èyí tí orí àwòrán rẹ̀ wà nísàlẹ̀ nígbà tó jáde, náà ńkọ́? Yálà o kà á tàbí o kò kà á, pinnu rẹ̀ ṣáájú. Mo ti rí ẹni tó ń ka ìdojúdé nígbà tí káàdì bá le, kí ó lè sọ pé ó ti rọ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tó wà nídìí gbogbo rẹ̀. Nínú ipò mẹ́rin yìí, méjì ní ẹlẹ́rìí. Ohun tí ọkùnrin náà ń sọ, àbúrò mi ti gbọ́ ọ. Ohun tó ń ṣe, ó ti rí i. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kò sí ẹni tó rí. Inú jìn, kò sí káàdì tó lè wọnú àyà ẹni tí kò sí níbẹ̀ kó jáde wá jẹ́rìí. Àwa sì máa ń sáré lọ síbi tí ẹlẹ́rìí kò sí, nítorí ibẹ̀ ni ìbéèrè wà. Mo yí i padà. Mo máa ń ka ìṣe àti ọ̀rọ̀ ṣáájú, mo sì máa ń fi wọ́n wé ohun tí ẹni náà mọ̀. Tí káàdì ìṣe bá yàtọ̀ pátápátá sí ìṣe tó rí fúnra rẹ̀, mo máa ń kó gbogbo rẹ̀ nílẹ̀, mi ò sì ní ka ti inú rárá. Ìtẹ́káàdì tó ṣìnà níbi tí a ti lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí ló máa mú kó tọ́ níbi tí a kò ti lè yẹ̀ ẹ́ wò?

Kí ìfiwéra yìí tó lè ṣeé ṣe, ìwé gbọ́dọ̀ wà. Ọkàn tó ń dunni kì í rántí dáadáa. Tí olólùfẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀rọ̀ dídùn ránṣẹ́, oṣù mẹ́ta ìjákulẹ̀ á pòórá. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun wò irú ọ̀rọ̀ yìí, màá ní kó kọ 30 ọjọ́ sẹ́yìn sílẹ̀ ní ìlà méjì. Ní apá òsì, ohun tí ẹni náà ṣèlérí, bó ṣe wù kó kéré tó, títí kan "màá pè ọ́ lálẹ́". Ní apá ọ̀tún, ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣẹ, kí ó fi ọ̀rọ̀ kan sọ ohun tó ná ẹni náà: oorun, àkókò iṣẹ́, ìgboyà láti bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, tàbí òfo. Ọ̀rọ̀ kan yìí ṣe pàtàkì ju iye lọ. Ẹni tó mú ìlérí méjì ṣẹ, tí méjèèjì ná an ní nǹkan, yàtọ̀ sí ẹni tó mú mẹ́wàá ṣẹ nígbà tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe.

Ọ̀rọ̀ dídùn ní ipò ọ̀rọ̀ kò sì túmọ̀ sí irọ́. Èyí náà ni mo fi ìyà kọ́. Ní àkókò kan, tí Ẹlẹ́ṣin Ife bá jáde pẹ̀lú Idà Méje, kíákíá ni màá ní ẹlẹ́tàn ni. Ṣùgbọ́n Ife ní ipò ọ̀rọ̀ ń sọ fún ọ pé ọkàn ló ń sọ̀rọ̀, ọkàn ti wákàtí náà. Ó lè jẹ́ pé ó gbà á gbọ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Idà ní ipò ọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a rò kí a tó sọ. Méjèèjì kò sọ bí ìfẹ́ náà ṣe tó. Ohun tí wọ́n ń sọ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde.

Ibi tí mo ti ń rí ìyàtọ̀ ni káàdì ìṣe, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹni tó wà nínú àwòrán ni mo sì máa ń wò. Nínú Idà Mẹ́jọ, wọ́n fi aṣọ bo ojú obìnrin kan, wọ́n fi okùn yí ara rẹ̀ ká. Nínú Ọ̀pá Mẹ́wàá, ọkùnrin kan gbé ọ̀pá mẹ́wàá, ẹrù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú rẹ̀. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí kò ṣófo. Tí irú wọn bá bọ́ sí ipò ìṣe, mo máa ń gbà pé nǹkan ń dí ẹni náà lọ́wọ́, mo sì máa ń wo ipò kẹrin bóyá ó sọ ohun tó jẹ́. Nínú Ife Mẹ́rin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sábẹ́ igi, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, wọ́n ń na ife kan sí i láti inú àwọsánmà, kò sì wò ó. Kò sí okùn, kò sí ẹrù. Kò wulẹ̀ na ọwọ́ rẹ̀ ni. Nínú Idà Méje, ọwọ́ kún, ẹsẹ̀ yá, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì wá láti àgọ́ ẹlòmíràn. Ẹni yẹn ní agbára láti rìn, ó sì ń rìn, kì í ṣe síhà ọ̀dọ̀ rẹ ni.

Ẹni tí a dè, ẹni tí kò bìkítà tó, ẹni tó ń jèrè níbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà láàárọ̀. Ní ìtẹ́káàdì àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀kẹta ló wà níwájú mi, mo sì fi Ife Kan tí mo wá kiri sọ ọ́ di àkọ́kọ́.

Òdì kejì rẹ̀ náà wà, a kì í sì í sọ ọ́ tó. Ẹnì kan wá pé ọkọ òun kì í sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rárá. Ayaba Idà jáde ní ipò ọ̀rọ̀, ó jókòó ṣánṣán, ó gbé idà sókè. Ẹlẹ́ṣin Owó jáde ní ipò ìṣe. Nínú àwọn ẹlẹ́ṣin mẹ́rin, òun nìkan ni ẹṣin rẹ̀ dúró sójú kan, ó sì gbé owó kan ṣoṣo sọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan ṣọ́. Obìnrin náà ń retí pé kí n bá a kẹ́dùn. Mo béèrè ìwé. Ìlérí mẹ́rin péré ló wà ní apá òsì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣẹ, mẹ́ta nínú wọn gba oorun lójú rẹ̀. N kò nílò ipò kẹta láti sọ nǹkan kan. Ohun tó ń dùn ún ṣì jẹ́ òótọ́ o, nítorí etí náà ń fẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kò fẹ́ràn rẹ̀.

Oṣù mẹ́fà kọjá, àbúrò mi padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí ó mú ìwé 30 ọjọ́ dání. Ìlérí 11 ló wà níbẹ̀, mẹ́ta ṣẹ, òfo ló kọ sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A kọ ipò mẹ́rin sílẹ̀, a dárúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, a pinnu pé a kò ní ka ìdojúdé, a kò sì ní fa àfikún. Ipò ọ̀rọ̀, Ìránṣẹ́ Ọ̀pá, ọmọdékùnrin tó ń wo orí ọ̀pá rẹ̀ bí ẹni tí ìròyìn ayọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá. Ipò ìṣe, Ife Mẹ́rin. Ipò ohun tó wà nínú ọkùnrin náà, Ife Mẹ́fà. Ipò ohun tó ń dí i lọ́wọ́, Ife Mẹ́sàn-án.

Ife mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ká ní tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá ti jó. Mo fi ìwé wé ìṣe ná. Ọwọ́ tí a ká mọ́ àyà àti òfo mẹ́ta bá ara wọn mu. Ìtara Ìránṣẹ́ Ọ̀pá bá ìlérí 11 mu. Ó di ìgbà náà kí n tó ka ti inú. Nínú Ife Mẹ́fà, ọmọ kan ń fún ọmọ mìíràn ní ife tí òdòdó kún inú rẹ̀, nínú ọgbà àtijọ́. Adùn rẹ̀ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló kọjú sí: adùn ohun tó ti wà. Mo wo ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Ọkùnrin kan jókòó, ó ká ọwọ́, ife mẹ́sàn-án tò sẹ́yìn rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Kò sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Bó ṣe wà yìí ti tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Mo ní, "Bí mo ṣe kà á, kò purọ́ fún ọ. Ohun tó ní sí ọ wà, ṣùgbọ́n kò tó ohun tó lè gbé e dìde. Ẹnu rẹ̀ ló ju ọkàn rẹ̀ lọ."

Ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fa ẹyọ kan sí i."

Mo ti kó káàdì sínú àpò wọn. Mo ní kó mú ìlérí kan nínú mẹ́jọ tí kò ṣẹ, èyí tó máa ná ọkùnrin náà ní nǹkan kékeré, kó béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní gbangba, láìfi ẹkún sí i, kó sì fún un ní ọjọ́ 14. Kó má rán an létí, nítorí ìránnilétí á di iṣẹ́ tirẹ̀, a ò sì ní mọ ìṣe ta ni à ń wò mọ́. Kó má sì lọ tẹ́ káàdì lọ́dọ̀ ẹlòmíràn láàárín ọjọ́ náà. Ó mú ìlérí tí ọkùnrin náà ṣe pé òun á mú un mọ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin. Ó kọ ọjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn ìwé.

Ọjọ́ kẹrìnlá, ó pè mí. A sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí, kò dárúkọ káàdì rárá.